Mò ń wá iṣẹ́ tuntun láì jẹ́ kí ọ̀gá mi mọ̀: báwo ni mo ṣe máa ráyè ṣe íńtáfíù?

Ìṣirò-Ò-Parọ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀ka ìṣirò owó ni mo wà, àga ọ̀gá mi kò sì jìnnà sí tèmi: bí mo bá dìde báyìí, ó ti rí mi. Mo béèrè iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ mìíràn, wọ́n sì ti dá mi lóhùn. Ìpele 3 ni íńtáfíù wọn. Àkọ́kọ́ jẹ́ ìpè orí fóònù fún ìṣẹ́jú 30, ìkejì jẹ́ ìdánwò orí fídíò fún wákàtí kan ààbọ̀, ìkẹta ni pé kí n wá bá àwọn ọ̀gá wọn lójúkojú fún bí ìdajì ọjọ́. Aago 11 àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n fi ìpè àkọ́kọ́ sí, àsìkò tí mi ò lè kúrò lórí àga rárá. Ọjọ́ líífù 4 péré ló kù fún mi lọ́dún yìí. Fọ́ọ̀mù wọn tún ní kí n kọ orúkọ àti nọ́ńbà ọ̀gá mi ibi tí mo wà báyìí. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é tí àṣírí ò fi ní tú, tí mi ò sì ní pa irọ́ tó máa padà wá dà mí láàmú?

Màmá Tẹ̀mi:
Ọmọ mi, má da ara rẹ láàmú. Lọ́jọ́ tí íńtáfíù bá bọ́ sí, fi ìwé ránṣẹ́ pé ara rẹ ò yá. Ta ló máa ń yẹ aláìsàn lọ́wọ́ wò? Ohun tó ṣe kókó ni pé o ò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀, títí kan èyí tó o fẹ́ràn jù nínú wọn. Kì í ṣe pé wọ́n burú o. Ọjọ́ kan ni ọ̀gá yóò kàn béèrè pé, "Lágbájá dà?", ojú onítọ̀hún á sì yí padà kó tó lanu.

Àgbà Ọ́fíìsì:
Màmá Tẹ̀mi, ẹ ṣeun. Ìdajì kejì ọ̀rọ̀ yín ni kí àbúrò wa dì mú ṣinṣin. Ti àìsàn yẹn ni mi ò fara mọ́, màá sì sọ ìdí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi wà lára àwọn tó ń gba òṣìṣẹ́ sẹ́nu iṣẹ́. Ìpele 3 láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan túmọ̀ sí àìsàn mẹ́ta, ọjọ́ kan kan péré, tí ara á sì ti dá ṣáṣá lọ́jọ́ kejì. Ọ̀gá tó bá ń bá ìwé ìṣirò ṣeré lójoojúmọ́ máa tètè rí irú ètò bẹ́ẹ̀. Níbi púpọ̀ wọ́n tún lè ní kó o mú ìwé dókítà wá. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò ni pé wíwá iṣẹ́ síbòmíràn fúnra rẹ̀ kì í sábà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ nínú òfin ilé-iṣẹ́. Àmọ́ kéèyàn gba ọjọ́ àìsàn lórí irọ́, ẹ̀ṣẹ̀ ni, ó sì tó ohun tí wọ́n fi ń dá èèyàn dúró. O wá tipa bẹ́ẹ̀ sọ ohun tí kò ní ẹ̀bi di ohun tó ní ẹ̀bi.

Ká wá sọ ti àkókò. Aago 11 tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí ẹ yẹn kì í ṣe òfin. Akọ̀wé kan ló wo kàlẹ́ńdà ẹni tó máa pè ẹ́, ó rí àyè, ó sì fi ẹ́ síbẹ̀. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, ojoojúmọ́ la máa ń sún irú rẹ̀, a kì í sì í bínú. A mọ̀ pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ kò lè ṣàdédé dìde lágogo 11. Tí mo bá rí ẹni tó sọ pé òun ò fẹ́ fi àkókò ilé-iṣẹ́ òun ṣe é, inú mi máa ń dùn ni, torí bó ṣe ń ṣe fún wọn ló máa ṣe fún wa. Kọ nǹkan bí èyí sí wọn lónìí, má dúró dọ̀la:

"Ẹ ṣeun tí ẹ pè mí. Mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, mi ò sì tíì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ níbẹ̀ pé mò ń wá iṣẹ́ mìíràn. Mo lè gba ìpè ní aago 8 àárọ̀, aago 12:30 ọ̀sán, tàbí lẹ́yìn aago 5:30 ìrọ̀lẹ́, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú tàbí Ọjọ́bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà àti ímeèlì tó wà nísàlẹ̀ yìí nìkan ni kí ẹ fi kàn sí mi. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ títí a ó fi jọ parí ètò."

Kíyè sí i pé àkókò mẹ́ta àti ọjọ́ mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹyọ kan lo fún wọn, wọ́n á ní kò bá àwọn lára mu, ẹ ó sì máa kọ̀wé síra yín títí ọ̀sẹ̀ á fi parí. Gbólóhùn tó sọ nípa fífi pa mọ́ yẹn náà ṣe pàtàkì, nítorí wọ́n máa ń kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ, ẹni tó bá gba fáìlì náà lẹ́yìn á sì rí i.

Ajíṣafẹ́-Owó:
Ẹ má bínú sí ìbéèrè mi o, ṣé ìwé àdéhùn iṣẹ́ yín gbà pé kí ẹ ní iṣẹ́ méjì? Àwọn kan kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé òṣìṣẹ́ ò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ tó ń bá wọn dù ú. Ẹ kọ́kọ́ ka ìwé yín dáadáa.

Ìṣirò-Ò-Parọ́:
Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Mi ò fẹ́ ṣe méjì pọ̀. Tí mo bá rí tuntun gbà, màá fi ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Àmọ́ màá ka ìwé àdéhùn náà, ó kéré tán kí n mọ bí àkókò tí màá fi sọ fún wọn kí n tó kúrò ṣe gùn tó.

Àgbà Ọ́fíìsì:
Kà á lóòótọ́. Wọ́n máa bi ẹ́ ní íńtáfíù ọjọ́ tó o lè bẹ̀rẹ̀, bó o bá sì sọ pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ìwé rẹ sì sọ pé oṣù kan, ìjà nìyẹn.

Jẹ́ kí n parí ti ọjọ́ líífù. Má pín ọjọ́ mẹ́rin yẹn kárí ìpele mẹ́ta. Ìpè àkọ́kọ́ kò nílò líífù rárá. Ìṣẹ́jú 30 ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n fi 15 lé e, torí pé ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ bá wù kò ní tètè gbé fóònù sílẹ̀. Nítorí náà, aago 8 dára bí ẹnu iṣẹ́ bá jẹ́ aago 9 tí ibẹ̀ kò sì jìnnà. Má ṣe é ní àtẹ̀gùn ilé-iṣẹ́ o. Ohùn máa ń dún lọ sókè-sódò níbẹ̀, ẹni tó wà ní àjà kejì á sì máa gbọ́ ẹ.

Ìdánwò orí fídíò ni kó o fi sí òpin ọjọ́. Wákàtí kan ààbọ̀ lè di méjì, bí kò bá sì sí nǹkan kan tó ń dúró dè ẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ọkàn rẹ á balẹ̀. Bí wọn ò bá lè ṣe é lẹ́yìn iṣẹ́, gba ìdajì ọjọ́ tìrọ̀lẹ́. Èyí tí o máa lọ lójúkojú, gba odindi ọjọ́ kan. Ìdajì ọjọ́ kò tó o, bí wọ́n tilẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan máa pẹ́ dé, ẹlòmíràn á ní kó o wá rí ibi tí àwọn ti ń ṣiṣẹ́, ìwọ á sì máa wo aago lójú wọn. Á ṣì ku ọjọ́ méjì ààbọ̀ lọ́wọ́ rẹ, tọ́jú rẹ̀, torí pé ìpele kẹrin tí wọn ò dárúkọ tẹ́lẹ̀ lè yọjú.

Tó o bá ń gba líífù, gbà á ní bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kó o sì kọ ọ́ ní ṣókí: "Mo ní ọ̀rọ̀ ara mi kan tí mo fẹ́ bójú tó." Òótọ́ ni. Má hun ìtàn mọ́ ọn. Ìtàn ló ń mú kí wọ́n béèrè lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e pé, "Ilé tó o lọ wò yẹn ńkọ́?"

Kọ̀ǹpútà-Lọ̀rẹ́-Mi:
Gbogbo ohun tí Àgbà sọ ló dára, àmọ́ kò sí ẹni tó mẹ́nu kan ẹ̀rọ. Iṣẹ́ mi ni láti máa bójú tó kọ̀ǹpútà àwọn òṣìṣẹ́, nítorí náà ẹ gbọ́ mi.

Má fi kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́, ímeèlì ilé-iṣẹ́ tàbí íńtánẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ ṣe ohunkóhun nínú èyí. Kì í ṣe pé àwa tó wà nídìí rẹ̀ ń jókòó máa wò yín. A ò ráyè. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ibi tí ẹ lọ wà níbẹ̀, bí ọ̀gá kan bá sì fi ìwé béèrè, a máa gbé e jáde ni. Fóònù tí ilé-iṣẹ́ fún yín náà wà lára rẹ̀. Kódà fóònù tara yín, bí ẹ bá ti so ó mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì wọn, ẹ pa á, kí ẹ lo dátà yín.

Èyí tó ń tú àṣírí èèyàn jù ni kàlẹ́ńdà. Ìwé ìpè máa wá sí ímeèlì tara yín, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ pé ẹ gbà. Bí ímeèlì iṣẹ́ àti ti ara yín bá jọ wà lórí fóònù kan náà, tí kàlẹ́ńdà iṣẹ́ sì jẹ́ èyí tí fóònù ń lò ní àkọ́kọ́, ó lè jẹ́ inú ti iṣẹ́ ni ìpè náà máa bọ́ sí. Ọ̀gá á ṣí kàlẹ́ńdà yín láti wá àyè ìpàdé, á sì rí "Íńtáfíù, ìpele kejì" níbẹ̀ rekete. Ẹ wọ inú ètò fóònù yín lálẹ́ òní, kí ẹ wo èyí tó ń lò ní àkọ́kọ́. Nínú kàlẹ́ńdà iṣẹ́, ẹ kàn fi àmì sí àkókò náà pé ọwọ́ yín dí, kí ẹnikẹ́ni má fi ìpàdé síbẹ̀.

Ìwé ìtàn iṣẹ́ yín ńkọ́? Bí ẹ bá kọ ọ́ lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, orúkọ ilé-iṣẹ́ lè wà nínú fáìlì náà láìhàn lójú ìwé. Nínú Word, ẹ lọ sí File, Info, Check for Issues, Inspect Document, kí ẹ yọ ọ́ kúrò. Ó sàn kí ẹ kúkú kọ ọ́ lórí ẹ̀rọ tiyín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Olùwá-Ire:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, LinkedIn ńkọ́? Mo rí i pé àmì Open to Work ní ibi tí èèyàn lè ti yan Recruiters only, kí àwọn tó ń wá òṣìṣẹ́ nìkan máa rí i. Ìyẹn ti parí ọ̀rọ̀, àbí? Ilé-iṣẹ́ ẹni ò lè rí i mọ́.

Kọ̀ǹpútà-Lọ̀rẹ́-Mi:
Ó dín ewu kù, kò mú un kúrò. Wọ́n máa ń gbìyànjú láti fi pa mọ́ fún àwọn tó ń wá òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tí o kọ síbẹ̀ pé o wà, ṣùgbọ́n LinkedIn fúnra wọn sọ pé àwọn ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé àṣírí náà máa bò pátápátá. Rò ó wò: ájẹ́ńtì tó ń bá ilé-iṣẹ́ rẹ wá òṣìṣẹ́ kì í ṣe òṣìṣẹ́ ibẹ̀, òun lè rí i. Èyí tí gbogbo ayé máa rí ni òrùka aláwọ̀ ewé yẹn lójú fọ́tò, ìyẹn ni kó o má tiẹ̀ sún mọ́.

Ohun kejì ni pé kó o tó tún ojú-ìwé rẹ ṣe, lọ pa Share profile updates with your network nínú Settings, lábẹ́ Visibility. Má sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ kan. Ẹni tí kò fọwọ́ kan ojú-ìwé rẹ̀ látọdún mélòó kan, tó ṣàdédé fi fọ́tò tuntun, ìtàn tuntun àti ìmọ̀ tuntun síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ti kéde ara rẹ̀.

Abíọ́nà:
Ájẹ́ńtì tí ẹ mẹ́nu kàn yẹn ló jẹ́ kí n dá sí i. Èmi bá ájẹ́ńtì kan sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo fún un ní ìwé ìtàn iṣẹ́ mi fún iṣẹ́ kan pàtó. Láì bi mí, ó pín in fún ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ tí mo wà gan-an. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá mi pè mí wọ yàrá, ìwé mi wà níwájú rẹ̀. Kò bínú, kò sì sọ̀rọ̀ líle. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni wọn ò ti fi mí sí iṣẹ́ ńlá kankan mọ́, títí mo fi kúrò.

Láti ìgbà náà, kí n tó fi ìwé ránṣẹ́, mo máa ń kọ ọ́ sínú ímeèlì pé: "Ẹ má fi ìwé mi ránṣẹ́ síbikíbi láì kọ́kọ́ sọ orúkọ ibẹ̀ fún mi kí n sì fọwọ́ sí i." Bí ìpolówó iṣẹ́ kan bá sì fi orúkọ ilé-iṣẹ́ pa mọ́, mo máa ń pe ájẹ́ńtì béèrè ẹni tí wọ́n jẹ́. Ó lè jẹ́ àga ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ni wọ́n ń polówó.

Ìṣirò-Ò-Parọ́:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti kọ̀wé sí wọn bí Àgbà ṣe sọ, wọ́n sì ti dáhùn: aago 8 àárọ̀ Ọjọ́rú fún ìpè àkọ́kọ́. Kàlẹ́ńdà iṣẹ́ ni fóònù mi ń lò ní àkọ́kọ́ lóòótọ́, mo ti yí i padà. Àmọ́ wọ́n sọ pé bí mo bá yege, ọjọ́ ìkẹyìn oṣù ni àwọn ọ̀gá wọn máa wà pa pọ̀ fún ìpele kẹta. Ọjọ́ yẹn la máa ń pa ìwé oṣù dé, kò sí ẹni tó ń gba líífù lẹ́ka wa. Fọ́ọ̀mù náà sì ṣì wà níwájú mi.

Àgbà Ọ́fíìsì:
Má gba ọjọ́ yẹn. Bó o bá gba líífù lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í gbà á, bí ìgbà tó o sọ fún ọ̀gá rẹ ni. Sọ òótọ́ fún wọn: "Ọjọ́ tí a ń pa ìwé oṣù dé nìyẹn, mi ò lè fi àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sílẹ̀. Mo wà lárọ̀ọ́wọ́tó ní ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún oṣù tuntun." Oníṣirò owó ni wọ́n ń wá, ó dájú pé àwọn náà ń pa ìwé tiwọn dé. Bí kò bá ṣeé ṣe kí àwọn ọ̀gá náà tún pàdé, béèrè bóyá o lè rí àwọn méjì lójúkojú, kí ẹnì kẹta bá ẹ sọ̀rọ̀ lórí fídíò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni kó o sún ọjọ́. Bó o bá sún un lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á rò pé iṣẹ́ náà ò wù ẹ́.

Ti fọ́ọ̀mù: má kọ nọ́ńbà ọ̀gá rẹ síbẹ̀, kó o má sì kọ nọ́ńbà ọ̀rẹ́ rẹ kó o pè é ní ọ̀gá. Wo fọ́ọ̀mù náà dáadáa, ibì kan sábà máa ń wà níbẹ̀ tó ń béèrè bóyá àwọn lè kàn sí ibi iṣẹ́ rẹ. Yan "rárá". Níbi nọ́ńbà, kọ ọ́ pé: "Lẹ́yìn tí mo bá ti gba ìwé ìgbanisíṣẹ́." Wá fún wọn ní ẹni méjì mìíràn tó lè jẹ́rìí iṣẹ́ rẹ: ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ tó o ti kúrò, àti ẹni tó ti bá ẹ ṣiṣẹ́ rí tí òun náà ti kúrò níbi tó o wà. Pè wọ́n kó o tó kọ orúkọ wọn.

Kọ̀ǹpútà-Lọ̀rẹ́-Mi:
Mo fẹ́ fi kún un pé àwọn fọ́ọ̀mù kan wà tí ẹ̀rọ ló ń dá wọn ṣe. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, ẹ̀rọ náà á fi ímeèlì ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, kí èèyàn kankan tó kà á. Bí àyè náà kò bá gba òfìfo, ẹ pe akọ̀wé wọn kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Màmá Tẹ̀mi:
Ó dáa, mo ti gbọ́ ti àìsàn yẹn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá pè é lójijì, tó wò ó lójú, tó ní "Ṣé ò ń wá iṣẹ́ ni?", kí ló máa sọ? Ṣé kó jẹ́wọ́ ni?

Abíọ́nà:
Tèmi ni pé kó sọ ọ́. Ìwé mi wà níwájú ọ̀gá mi, kí ni mo fẹ́ sẹ́? Mo sọ pé mò ń wo ohun tó wà níta, iṣẹ́ mi kò sì dúró. Ó kéré tán, kò lè sọ pé mo parọ́ fún òun.

Àgbà Ọ́fíìsì:
Abíọ́nà, tìrẹ yàtọ̀, ẹ̀rí ti wà lórí tábìlì. Bí kò bá sí ẹ̀rí, mi ò rò pé ó jẹ ẹnikẹ́ni ní ìdáhùn náà. Ó lè sọ pé, "Ọ̀gá, iṣẹ́ oṣù yìí ni mo gbájú mọ́. Ṣé nǹkan kan wà nínú iṣẹ́ mi tó ń kọ yín lóminú?" Kò sẹ́, kò sì jẹ́wọ́.

Abíọ́nà:
Ọ̀gá tó bá gbọ́n máa mọ̀ pé ó yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ni o.

Àgbà Ọ́fíìsì:
Ó lè mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó mọ̀ àti ohun tó gbọ́ lẹ́nu rẹ kì í ṣe ọ̀kan náà. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi ẹni tó jẹ́wọ́ ṣáájú nínú orúkọ àwọn tí wọ́n máa dá dúró, níwọ̀n bó ti "ń lọ" tẹ́lẹ̀. Mo sì ti rí ibi tí wọ́n ti fi owó kún ti ẹlòmíràn. Ìwà ọ̀gá ọ̀hún ló máa sọ, Ìṣirò ló sì mọ̀ ọ́n.

Ìṣirò-Ò-Parọ́:
Ọ̀gá mi kì í gbàgbé nǹkan. Màá lo ti Àgbà. Ìbéèrè mi tó kẹ́yìn: bí wọ́n bá pè mí lórí fóònù pé mo ti yege, ṣé ọjọ́ yẹn ni mo lè kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀?

Àgbà Ọ́fíìsì:
Rárá o. Ọ̀rọ̀ ẹnu kọ́ ni ìwé. Dúró de ìwé tó ní owó oṣù, ipò àti ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ nínú, tí àwọn àti ìwọ ti fọwọ́ sí. Wá kà á bóyá ó sọ pé ó dá lórí ẹ̀rí tàbí àyẹ̀wò kan. Bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀, jẹ́ kí wọ́n parí gbogbo àyẹ̀wò tí kò kan ọ̀gá rẹ ná, kí wọ́n sì kọ ọ́ sí ẹ pé ó ti yọrí. Bó bá wá ku ẹ̀rí ọ̀gá rẹ nìkan, ní kí wọ́n má pè é títí wàá fi sọ fún un fúnra rẹ. Wọlé lọ bá a láàárọ̀, fún un ní ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ rẹ, kó o sì sọ fún un pé wọ́n máa pè é lọ́sàn-án.

Olùwá-Ire:
Bí ọ̀gá yẹn bá wá sọ ọ̀rọ̀ burúkú nípa rẹ̀ fún wọn lọ́sàn-án ńkọ́? Ó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ láàárọ̀ ná.

Àgbà Ọ́fíìsì:
Ewu tó kù nínú ètò náà nìyẹn, mi ò sì mọ bí a ṣe lè mú un kúrò tán. Ilé-iṣẹ́ púpọ̀ kì í jẹ́rìí ju ọjọ́ tó o dé, ọjọ́ tó o kúrò àti ipò tó o wà lọ. Ìṣirò, rọra wá bí tiyín ṣe ń ṣe é kó o tó fọwọ́ sí ìwé. Ẹnì kan tó ti kúrò níbẹ̀ lè sọ fún ẹ.

Ìṣirò-Ò-Parọ́:
Ẹni tí mo fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀rí ti kúrò níbẹ̀, màá bi í bí mo bá pè é lálẹ́ òní. Mo ti pe akọ̀wé wọn lórí fọ́ọ̀mù náà. Ó ní kí n kọ "kò tíì yá" síbẹ̀, pé ẹ̀rọ wọn á gbà á.